Agbè Tí Mo Kọ Sínú Káàdì Súlíyá

"Lèsí ló kọ èyí? Agbè wo ni ò fọ́? Ṣé ọmọ ló kú ni? Ìyá ló kú o! Agbè gan-an ló fọ́ yìí!"

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú èéfín, ẹ kú ìdí ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Ayọ̀ tó ń fi aṣọ mi ṣe aṣọ tiẹ̀. Ẹ má bínú pé ariwo ni mo fi ṣíwájú ìkíni. Orí mi ni wọ́n pa á lé ní Japara lónìí, lójú gbogbo èèyàn, etí mi ṣì ń hó. Bí mi ò bá rò ó fún yín, mi ò ní lè sùn.

Ẹ mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni mo wà. Ooru iná lẹ́yìn, òjò lójú fèrèsé, nylon lọ́wọ́ látàárọ̀. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí yín kò tó nǹkan, mo mọ̀, ẹ má sọ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, èdè àwọn ará ibí ń yára ju tèmi lọ, mo máa ń dá jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Súlíyá nìkan ló sún mọ́ mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu nylon kí búrẹ́dì má bàa làágùn, yàrá kan náà la sì ń sùn. Tó bá lọ sílé ní Japara, ìyá ẹ̀ máa ń di ọbẹ̀ fún un pé kó gbé e fún ọmọ Efire, ó ní ojú mi rí bí ojú ẹni tí kì í jẹun.

Ìyá yẹn ló kú. Kò tíì darúgbó. Ara ló ní ó ń gbóná. Kí á tó gbọ́ pé wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín, torí Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀.

Máníjà wa ra káàdì ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ti tẹ èdè Òyìnbó àti àgbélébùú síwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ lèèyàn máa ń kọ tiẹ̀ sí. Ó ní èmi ni kí n kọ ọ́ torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Màmá, inú mi dùn, mi ò purọ́. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta! Ó ní kí n kọ́kọ́ dárúkọ Súlíyá, kí n dárúkọ ẹni tó kú, kí n wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kan fi sáàárín, kí n ṣàdúrà fún òkú, kí n ṣàdúrà fún ẹni tó kù, kí gbogbo wa wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó má bàa wọ́, mo kọ ọ́, mo pa ìlà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo fi sáàárín ni: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Kò sí ibòmíràn tí mo ti gbọ́ ọ bí kò ṣe lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí ọmọ tí ẹ bí tẹ̀lé mi kú, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ ò jẹun, ẹ ò sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn ìyá tó wọlé ló ń sọ ọ́, títí ẹ fi gbé orí sókè tí ẹ ní kí wọ́n fún yín lómi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí ikú ń gbọ́ tó fi ń yà lọ́nà nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ò ka káàdì yẹn kó tó fọwọ́ sí i. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ìka dọ̀tí i. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ní, Mojí, ọ̀mọ̀wé wa! Mo rẹ́rìn-ín.

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti kà á sókè. Ìyẹn ni àǹtí Súlíyá fi pariwo. Ààfáà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọmọdé ni. Obìnrin kan ní ẹ má wulẹ̀ bínú, ọmọ Efire ni, ará etí omi, omi nìkan ló mọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Súlíyá ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Orí ọ̀kadà ni ó ti yé mi. Bí àwọn ìyá yẹn bá ti sọ pé "agbè", èjìká yín ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin ni agbè, ọmọ tó lọ ni omi. Agbè tí kò fọ́ lè padà sódò, ẹ sì padà, ẹ bí Ayọ̀. Ṣùgbọ́n nílé Súlíyá, agbè ni wọ́n gbé sin. Èmi wá ń kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára pé kò fọ́.

Mo fi bírò sílẹ̀ níbí, ẹkún ò jẹ́ kí n ríran. Ọjọ́ ti gorí ọjọ́ kí n tó padà sí i.

Súlíyá ti dé sẹ́nu iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde jàre, pé òun mọ̀ pé kì í ṣe ibi ni mo gbèrò. Ó ní ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òun bá ṣí káàdì yẹn, ṣe ni òun máa ń wá agbè náà kiri.

Mo ra káàdì òmíràn fúnra mi, òdòdó nìkan ló wà lójú ẹ̀, kò sí àgbélébùú. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí ààfáà tẹnu mọ́ níbi fídáù, mo kọ ọ́: "Súlíyá, mo bá ọ kẹ́dùn ìyá wa. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. O sin ín. Kí Ọlọ́run forí jì í, kó fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, kó dúró tì ọ́." Orúkọ mi nìkan ni mo kọ sísàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sínú ìborí ìyá ẹ̀, ó di ìborí náà. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó jẹun lẹ́yìn ẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán. Àfìgbà tí ẹ pè mí lálẹ́ àná. Ẹ ń bá mi wí pé mi ò jẹun, mo ń bá yín ṣàríyànjiyàn, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Súlíyá ti kọjú sí ògiri. Kò sùn. Ó ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ.

Kí Ọlọ́run tí à ń pè nínú aṣọ funfun dá yín sí fún mi. Kí omi má gbé Bàbá, kí ẹja wọ àwọ̀n. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ, ẹ má yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Tí ẹ bá pè mí láti òní lọ tí ẹ ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òjò lórí páànù, ẹ má bi mí pé kí ló gbé mi síta. Mo ti pinnu pé ẹ̀yìn ilé ìyẹ̀fun ni n ó ti máa gba ìpè yín. Mi ò ní sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí, pàápàá fún Súlíyá.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mojí.