Ẹni Tí A Kò Rí Òkú Rẹ̀ Nínú Ìwé

Àsàlámù àlékùm, ìyá mi àtàtà, olójú àánú mi,

Iléṣà ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín, nínú ọ́fíìsì wa. Òjò ń rọ̀, iná ti lọ, gbogbo èèyàn sì ti lọ wá oúnjẹ ọ̀sán. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì. Ṣebí nígbà tí ẹ wà láyé gan-an, ẹ kì í fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Ẹ ó kàn pè mí lórí fóònù, ẹ ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo kọ ránṣẹ́. Mo ṣì máa ń wo fóònù bí mo bá ti kọ nǹkan tán.

Ilé wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìdí, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Baálẹ̀ báyìí. Ó ti kó ike òwú kúrò níbi tí ẹ tò wọ́n sí, inú sì bí mi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó rí i pé ibi tó kó wọn sí ni oòrùn kò ti ní ṣá wọn. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ti ń rìn. Imú yín ló wà lójú ọmọ náà, kò sì mọ̀ pé imú ẹnìkan ni.

Ẹ rántí Ọmọ Ojú-Irin, akọni inú ìwé àwòrán tí mo máa ń kà sí yín létí bí ẹ bá ń ṣa bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Òun náà ni mo ń ti ara rẹ̀ jẹun báyìí. Èmi ni mo ń ṣọ́ ìtàn rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé tuntun bá fẹ́ kọ nǹkan, èmi ni n ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ta ko ohun tí àwọn tó ti kọ ọ́ rí ti sọ. Mo sì tún máa ń yà á, nítorí ọ́fíìsì wa kéré, ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ni kì í yàwòrán.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí àléébù ìwé náà. Nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni Ọmọ Ojú-Irin. Mo jáde yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ṣì jẹ́, kò sí ewú, kò sí ikùn. Ẹ ní kí n bá yín bi àwọn tó ń kọ ọ́ léèrè àgbo tó ń mu, kí ẹ̀yin náà lè rí mu. Mi ò mọ ìdáhùn nígbà náà. Òun nìyí, màmá. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló dúró sójú kan, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ló ń sún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń wọ Òṣogbo lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì ní sitéṣọ̀n, ọkọ̀ sì pa á, ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn irin lábẹ́ ilẹ̀, tí agbára fi wọ̀ ọ́ lára. Bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ yẹn dúró síbi tó wà, bàbá àgbà ni ì bá jẹ́ báyìí, ta ni yóò sì ra ìwé akọni tí eékún ń dùn? Nítorí náà, bí ọdún bá ti ń lọ, a ó rọra gbé ikú ìyá rẹ̀ súnmọ́ iwájú, láìpariwo. Rédíò tó wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ yóò di fóònù nígbà tí a bá tún un yà. Ìyá ọmọ náà kì í kú jìnnà. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo mọ bó ṣe ń rí lára rẹ̀.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Ọwọ́ tó ti kọ ìwé náà pọ̀, wọn ò sì ka ti ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìyá náà ń ta búrẹ́dì. Ẹnìkan dé, ó sọ ọ́ di olùkọ́. Òmíràn tún dé, ó ní ìbejì ni ọmọ náà, pé wọ́n fi èkejì pamọ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, àwọn òǹkọ̀wé ní ayé méjì ló wà, pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì wà ní ayé kan, olùkọ́ wà ní èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìtàn ńlá kan tí ayé méjèèjì fi já lu ara wọn tí wọ́n di ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣì ṣẹlẹ̀ nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àtúnpìtàn ni àwa ń pe iṣẹ́ yìí. Èyí tó dára ń fi kún ìtàn láìta ko ohunkóhun. Òmíràn á ní irọ́ ni ohun tí ẹ rí tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ń fi omi nu gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọ̀gá wa pè wá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló wà lára rẹ̀, kì í dìde láìgba ohun tó bá wá. Ó ní ìwé ò tà mọ́, a gbọ́dọ̀ jí ìyá ọmọ náà dìde.

“Ìyá ẹ̀ ò kú rárá,” ló wí, ó sì yíjú sí mi. “Àbí ṣé ẹnikẹ́ni rí òkú ẹ̀?”

Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́. Èéfín ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá, àti gèlè obìnrin kan lórí irin. Òkú kò sí. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo òǹkàwé mọ̀: ẹni tí a kò bá rí òkú rẹ̀ nínú ìwé, kò tíì kú. Lọ́jọ́ kan yóò padà dé.

Màmá mi, ẹ̀yin náà ń kọ́? Abújá ni iṣẹ́ gbé mi lọ nígbà tí Àǹtí Sìdí pè mí láàárọ̀ pé ẹ ò jí fún ìrun àsùbáà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í dá òkú dúró. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n kírun sí yín lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n fi hàn mí. Ọmọ yín obìnrin ni mí, ó yẹ kí ọwọ́ mi wà nínú omi tí wọ́n fi wẹ̀ yín, ilẹ̀ lásán ni mo sì bá. Mo sọ fún Àǹtí Sìdí pé n kò fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin kan bá ń lọ níwájú mi lọ́jà tó sì na ọrùn bíi tiyín, mo máa ń yára rìn kí n lè rí ojú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Mo ní ẹnìkan fà á kúrò lójú irin, pé ó forí gbá, kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, pé Ìbòkun ló wà láti ọjọ́ yìí tó ń ran aṣọ fún àwọn ọmọ iléèwé. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo ya ọrùn yín fún un. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Tóyìn, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kun àwọ̀ sí àwòrán wa, ló dá mi dúró. Ó ń wo ìwé tí Ọmọ Ojú-Irin ti lọ bá awakọ̀ tó pa ìyá rẹ̀, tó jókòó tì í, tó sì forí jì í. Ìwé yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti tẹ̀.

“Àǹtí, tí màmá ẹ̀ bá wà láàyè,” ló wí jẹ́jẹ́, “kí ló wá dárí ẹ̀ jì?”

Mo padà yẹ gbogbo ìwé wò. Ìdí tó fi ń gba àwọn ọmọ òrukàn là, ìdí tí fèrè ọkọ̀ fi ń pa á lẹ́kún, gbogbo rẹ̀ wó. Bí mo bá jí ìyá rẹ̀, n ó sọ gbogbo ìfẹ́ tó ti ní sí i di ohun tí wọ́n fi tàn án jẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Mo bá Àǹtí Sìdí ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe wẹ̀ yín. Ó gbé ike òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ gbọ́ báyìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ara wọn rọ̀. Wọn ò jà rárá. Làálì Iléyá ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ òsì ti pọ́n, ó rẹwà. Nígbà tí Ìyá Làálì fẹ́ ṣe ọ̀tún, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, pé ìwọ ń bọ̀, ìwọ lo mọ nǹkan yà. A wẹ̀ wọ́n, wẹ̀ wọ́n, làálì yẹn ò ṣí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dì wọ́n.”

Mo sunkún débi pé àwọn oníbàárà padà lọ. Ìyá mi, ṣé lóòótọ́ lẹ ń dúró dè mí? Irú ọnà wo lẹ fẹ́ kí n yà síbẹ̀?

Ohun tí mo gbé padà fún ọ̀gá wa ni ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tó ń fi kún ìtàn láìta ko ohunkóhun. Yàrá kan ni. Obìnrin méjì ń wẹ òkú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọmọ náà dúró síta pẹ̀lú garawa omi, a sì rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gá ní ìwé náà lè má tà. Mo ní òótọ́ ni. Ó wò ó, ó tún un wò, ó sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òkú ti wà nínú ìwé báyìí. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè jí i mọ́.

Kí Tóyìn tó kùn ún, mo kun làálì ẹsẹ̀ òsì náà fúnra mi. Kálàmù wà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà níwájú mi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà mí, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí Ọlọ́run fi Alujánnà ṣe ilé yín, kó má jẹ́ kí n ṣì yín ní bíbá.

Èmi ni,
àbígbẹ̀yìn yín tí ẹ dúró dè.