Mi Ò Yan Iṣẹ́ Lódì

Èmi, tí ìyá mi sọ ní orúkọ gígùn kan tí báńkì nìkan ṣì ń pè, tí gbogbo ará ilé ìwòsàn mọ̀ sí Baba Aláyọ́ọ̀nù, ni mo ń há ogún mi báyìí. Orí mi pé. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ti kọ̀ mí sílẹ̀, ẹsẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé ìhágún. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni kó bójú tó ìpín náà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, kó jókòó kó gbọ́ ọ títí dé òpin.

1. Áyọ́ọ̀nù mi di ti obìnrin tó gba ipò mi ní yàrá ìfọṣọ. Kó má ṣe yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yá áyọ́ọ̀nù, àlàyé ló máa ń dá padà.

2. Àkùkọ mi di ti aládùúgbò mi, tó ti ń bá a jà láti ìgbà tó ti wà ní òròmọdìyẹ. Kí wọ́n lọ parí ìjà náà nínú àgbàlá tirẹ̀.

3. Gbogbo aṣọ ìyàwó mi di ti ọmọ wa. Èyí tí ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tí páìpù bẹ́ ni kí ẹ fi sin mí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìfọṣọ ti ń pariwo pé páìpù omi gbígbóná yàrá ìfọṣọ ń jò, ṣùgbọ́n páìpù tó ń jò kì í ṣe ìròyìn. Ó bẹ́, ó bó ìyàwó mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láyà àti lápá. Kò sí oníròyìn kankan tó wá. Ìgbà tí a dáwọ́ iṣẹ́ dúró ni kámẹ́rà dé.

Wọ́n ya ọ̀gá àgbà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ya àwa ní géètì, nínú oòrùn, à ń pariwo. Wọ́n ní ọ̀gá "rọ̀ wá", àwa sì "fárígá". Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn aláìsàn. Mo sọ̀rọ̀ páìpù, wọ́n gé e kúrò, ojú mi tó le ni wọ́n fi hàn. Wọ́n ní aráàlú ń jìyà, bí ẹni pé àwa kì í ṣe ará ìlú. Wọ́n ya ìyá arúgbó kan tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní aṣọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà rán ọmọ rẹ̀ wá kí wa kú ìrọ́jú, kò sẹ́ni tó ya ìyẹn.

Àbúrò mi, ìwọ lo ka ìròyìn náà, o sì búra fún mi pé kò sẹ́ni tó ní kí o parọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀gá ní ẹni tó ń dá yín lóhùn lórí fóònù kí àkókò ìròyìn tó tó. Àwa kò ní. Ẹ fún un láyè, ẹ fún wa láyè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà lẹ bi gbogbo wa: ìgbà wo ni wọ́n máa padà? Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó mú páìpù bẹ́. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ yín kò nílò láti rán yín níṣẹ́. Ẹni tó bá ń wo nǹkan bí òun ṣe ń wò ó ló ń gbà síṣẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé ga. Ẹ kò parọ́. Ẹ kàn ń ṣa èyí tí ẹ máa sọ ni.

Ìyàwó mi ń wo tẹlifíṣọ̀n láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn náà. Bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ kò ní aṣọ. Kámẹ́rà kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí aláìsàn ni wọ́n ń wá, alágbàfọ̀ sì ni òun. Ó rí ìyá arúgbó yẹn, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Baba ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká padà síṣẹ́. Ìkà tí à ń ṣe yìí ti pọ̀ jù." Kò sẹ́ni tó nà án kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́ títí ó fi di èrò ọkàn tirẹ̀. A padà síṣẹ́. Wọ́n fi rọ́bà di páìpù náà. Ìyàwó mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ló ṣe aráyé níbi, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tó lè mú un kúrò lọ́kàn rẹ̀.

4. Ìpín tèmi nínú ilé bàbá wa di ti àbúrò mi. Láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó mi ni a ti yan ara wa lódì. Nítorí náà mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pè ní ìyanṣẹ́lódì. Èèyàn là ń yàn lódì. Èmi kò yan iṣẹ́ lódì rí. Mo fẹ́ràn òórùn aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Ìwọ ni mo yàn lódì, ó sì ti rẹ̀ mí.

Bí mo bá kú, kà á lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọkọ obìnrin tí páìpù bó ti kú, àti pé wọ́n ti kìlọ̀ nípa páìpù náà tipẹ́. Wọ́n á ní kì í ṣe ìròyìn. Bí wọn kò bá gbà, kà á nínú pálọ̀ wa, pẹ̀lú ohùn tí o fi ń ka ti àwọn ọ̀gá. Bí o kà á, bí o kò kà á, ilé náà di tìrẹ. Àbúrò mi ni ọ́.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, lórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ.

Baba Aláyọ́ọ̀nù

Ẹlẹ́rìí kìíní: adènà ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, tó wà ní géètì lọ́jọ́ tí kámẹ́rà dé.

Ẹlẹ́rìí kejì: ọmọ ìyá arúgbó orí tẹlifíṣọ̀n.