Ègbè Orin Bùrọ̀dá Báyọ̀dé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Igando,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 1990.

Ọmọ́wùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilẹ́ṣà ńkọ́? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ ti le, tí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Esther ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà? Àwa náà wà ńbí. Simeon ọkọ mi ń lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. A dúpẹ́.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí náà má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ṣé o rántí ìbò ọdún 1987, tí mo ń fi ohùn mi kọrin kiri pé kánsẹ́lọ̀ yóò gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wa? Ó wọlé, kò gbẹ́ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀rọ. Bí mo bá gbé korobá kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Ẹ̀rọ, omi dà?" Ó dùn mí wọ eegun. Mo búra pé orin irọ́ kò tún ní ti ẹnu mi jáde láéláé.

Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa dìbò. Bùrọ̀dá Zacchaeus Báyọ̀dé ló ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní àdúgbò wa, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ni, a sì jọ ń wọ aṣọ funfun ní ìjọ kan náà. Àwọn tó ń bá wọn polongo ní kí n kọ orin fún wọn. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí nìkan ni mo máa kọ. Báyìí ni mo ṣe é:

Lílé: Ta ló bá wa kó gọ́tà?
Ègbè: Báyọ̀dé ni, a rí i!
Lílé: Ta ló mú nọ́ọ̀sì wá?
Ègbè: Báyọ̀dé ni, a rí i!

Mo jẹ́ kí ègbè kúrú, kí ẹni tó ru igbá lè gbè é láìdá ẹsẹ̀ dúró. Mo jẹ́ kí ohùn orin máa gòkè, kó máa sọ̀ bí a ṣe ń pe orúkọ wọn gan-an. Ègbè kì í yí padà, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwọn kan ní kí n fi èébú alátakò sí i. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ohùn mi polówó rẹ̀ fún?

Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe ìpolongo, kò gbà. Ó ní orin tí kò ṣe ìlérí kò lè mú ìbò wá, pé kí n lé e pé iná á dé láàárín oṣù mẹ́ta. Mo bi í léèrè bóyá kánsẹ́lọ̀ ló ni NẸPA. Ó ní bí mi ò bá lé e, kí n má retí ìsọ̀ nínú ọjà tuntun tí káńsù ń kọ́. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìsọ̀ yẹn. Mo ní kó gbé ìsọ̀ rẹ̀ dání.

Lánàá, níwájú ọjà, èrò pé bí omi. Mo lé, wọ́n gbè, ilẹ̀ ń mì. Ṣàdédé ni Gbóyèga já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ mi, ó wá lé tirẹ̀:

"Ta ló máa mú iná wá?"

Àwọn èèyàn la ẹnu, wọ́n ní "Báyọ̀dé ni," wọn ò sì lè fi "a rí i" kún un. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ní àwọn rí iná tí kò tíì dé? Ìyá Ṣàfíù tó ń ta kẹrosíìnì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá Gbóyèga, a ò rí i o jàre! Kẹrosíìnì mi ni mò ń rí!" Ẹ̀rín bú.

Gbóyèga tún un lé. Kò sẹ́ni tó gbè é. Mo rò pé ìbò ti bọ́. Ni Bùrọ̀dá Báyọ̀dé bá rọra gba ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, iná kò sí lọ́wọ́ mi. Gọ́tà, ìdọ̀tí, ọjà, abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wa, ìwọ̀nyẹn ni mo lè bá yín jà fún ní káńsù." Wọ́n gbé e fún mi padà. Bí mo ṣe lé e báyìí, ariwo tí wọ́n fi gbè é, mo sunkún, Ọmọ́wùnmí. Mi ò tijú.

Gbóyèga ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé ìsọ̀ ti lọ. Simeon ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. N kò lọ. Bóyá Bùrọ̀dá máa wọlé, bóyá wọn ò ní wọlé, mi ò mọ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí màmá rẹ àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tó bá ṣì rántí mi. O mọ̀ pé ìbò tọ̀tẹ̀ yìí, gbangba la máa tò sí, lẹ́yìn àwòrán ẹni tí a fẹ́. Wọn ò sì gba orin láàyè níbẹ̀. Kò burú. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dé, èmi ni mo máa dúró ṣìkejì àwòrán Bùrọ̀dá Báyọ̀dé, n ó sì pa ẹnu mi dé. Kí Gbóyèga wá wò mí dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun,
Adébùnmí.